Ojú òpó ilé ìwòsàn tó wà ní èdè tí kò yé yín: ọ̀nà wo ló yẹ fún èsì àyẹ̀wò, ọjọ́ ìpàdé àti bọ́tìnnì oògùn?

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń ṣe lórí ojú òpó ilé ìwòsàn wọn: wọ́n ń ka èsì àyẹ̀wò, wọ́n ń yan àkókò tí wọn yóò rí dókítà, wọ́n sì ń tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń béèrè oògùn tó fẹ́ tán. Bí ojú òpó náà bá wà ní èdè tí kò yé ènìyàn dáadáa, ọ̀nà mẹ́rin ló wà tó lè gbà. Ó lè yí èdè ojú òpó náà padà sí òmíràn tó gbọ́, bí ilé ìwòsàn bá ti pèsè irú rẹ̀. Ó lè ní kí bíráúsà túmọ̀ gbogbo ojú ewé. Ó lè ya àwòrán ohun tó wà lójú fóònù, kí áàpù ìtumọ̀ sì kà á fún un. Ó sì lè wá ènìyàn, yálà ìbátan tí a fún ní àṣẹ láti wọlé tàbí ògbufọ̀ tí ilé ìwòsàn pèsè.

Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí tó dára fún iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó wúlò jù fún kíkà lè jẹ́ èyí tó léwu jù nígbà tí a bá fẹ́ tẹ bọ́tìnnì, nítorí pé àṣìkà ṣeé tún kà, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì tí a bá ti tẹ̀ lè ti fagi lé ìpàdé tí a ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́. Nítorí náà, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni n ó mú, tí n ó sì fi àwọn ọ̀nà náà wé ara wọn lórí rẹ̀.

Èsì àyẹ̀wò

Ẹ jẹ́ ká wo èsì kan bó ṣe máa ń rí lójú fóònù:

```
Potassium    5.4  H   3.5 - 5.1   mmol/L
Creatinine   0.9      0.6 - 1.2   mg/dL
Comment: Specimen hemolyzed. Result may be falsely elevated.
```

Ìlà kìíní sọ pé pọtásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 5.4, pé ààlà tí yàrá àyẹ̀wò náà kà sí déédéé jẹ́ láti 3.5 dé 5.1, àti pé iye náà kọjá ààlà. Ohun tí lẹ́tà H ń sọ nìyẹn. Bó bá kéré ju ààlà lọ ni, lẹ́tà L ni ì bá wà níbẹ̀. Ìlà kejì jẹ mọ́ iṣẹ́ kíndìnrín, kò sì sí lẹ́tà kankan lára rẹ̀, èyí tó fi hàn pé ó wà láàárín ààlà. Ìlà kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Ó ń sọ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ti bẹ́, bóyá nígbà tí wọ́n ń fà á tàbí nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ. Inú sẹ́ẹ̀lì ni èyí tó pọ̀ jù nínú pọtásíọ̀mù ara máa ń wà, nítorí náà bí wọ́n bá bẹ́ sínú ìgò, pọtásíọ̀mù yóò tú jáde, iye tí ẹ̀rọ kà yóò sì ga ju èyí tó wà nínú ara aláìsàn gan-an lọ. Ohun tí dókítà sábà máa ń ṣe ni kí ó ní kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ gbà.

Bí ẹ bá yí èdè ojú òpó náà padà, àwọn àkọlé, àtòjọ àti bọ́tìnnì ni yóò yí padà, nítorí pé àwọn ni wọ́n ti túmọ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò kọ sí ìsàlẹ̀ èsì, àti àlàyé tí dókítà fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀, yóò sábà wà ní èdè tí wọ́n fi kọ wọ́n. Aláìsàn tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀nà yìí nìkan yóò rí i kedere pé pọtásíọ̀mù òun ga, ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ì bá fọkàn rẹ̀ balẹ̀ kò ní yé e. Èyí ni àbùkù tó tóbi jù nínú yíyí èdè padà: ojú ewé náà á dà bí ẹni pé wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ tán, nígbà tó jẹ́ pé apá tó wúwo jù ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ìtumọ̀ bíráúsà ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ níbí, nítorí pé gbogbo ohun tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lórí ojú ewé ló ń gbìyànjú láti túmọ̀, àlàyé ìsàlẹ̀ náà pẹ̀lú. Gbólóhùn tó gùn díẹ̀ máa ń yé e ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ. Inú tábìlì ló ti máa ń ṣìnà, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó dá dúró kò ní ohun tí ẹ̀rọ lè fi mọ ibi tó ń lọ. Ọ̀rọ̀ bíi "Negative" lè di ohun burúkú tàbí àìdára nínú ìtumọ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí yàrá àyẹ̀wò ń sọ ni pé wọn kò rí ohun tí wọ́n ń wá, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ìròyìn ayọ̀. Bí ọ̀rọ̀ tó wà lójú fóònù yín bá ń dẹ́rù bà yín, tí kò sì sí H tàbí L tàbí àwọ̀ pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ padà sí èdè tí wọ́n fi kọ ojú ewé náà kí ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀ gan-an.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀rọ kò ní bá yín ṣe: kì í yí ìwọ̀n padà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ 126 nínú ìwọ̀n mg/dL ni èyí tó jẹ́ 7.0 nínú mmol/L. Ohun kan náà ni, nọ́ńbà ló yàtọ̀. Ẹni tó ti mọ ìwọ̀n kan láti ilé ìwòsàn mìíràn lè rí 7.0 kí ó rò pé ṣúgà òun ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Bákan náà, àwọn èdè kan máa ń fi kọ́mà síbi tí àwọn mìíràn ń fi àmì ìdánudúró sí, tí 5.4 yóò fi di 5,4. Ààlà tó wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú èsì ni kí ẹ fi wé e, kì í ṣe nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Yíya àwòrán fún áàpù ìtumọ̀ ló kù nínú àwọn ọ̀nà ẹ̀rọ. Òun nìkan ló lè ran yín lọ́wọ́ nígbà tí èsì bá jẹ́ ìwé tí wọ́n yà sínú kọ̀ǹpútà, nítorí pé àwòrán ni bíráúsà rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí. Àbùkù rẹ̀ ni pé ojú fóònù kò fẹ̀, tí ìlà kan fi lè ṣẹ́ sí méjì, kí áàpù sì gbé ààlà pọtásíọ̀mù fún kíndìnrín. Ẹ yí fóònù sí ìbú kí ìlà lè gùn tán kí ẹ tó ya àwòrán, ẹ sì gé orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà ilé ìwòsàn yín kúrò lára rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ irú áàpù bẹ́ẹ̀ máa ń fi ohun tí a fún wọn ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀.

Lójú tèmi, bíráúsà ni kí ẹ fi ka èsì lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ lè mọ ìbéèrè tí ẹ ó bi dókítà, ṣùgbọ́n ẹ má fi í ṣe ìdáhùn. Èsì máa ń jáde sójú òpó nígbà mìíràn kí dókítà tó rí i, torí náà pé ẹnikẹ́ni kò tíì pè yín kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan, kò sì túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Pọtásíọ̀mù tó ga lóòótọ́ lè da ìlù ọkàn rú. Bí àárẹ̀ ńlá, àyà tó ń já lọ́nà tí kò bára mu tàbí dídákú bá wà pẹ̀lú irú èsì bẹ́ẹ̀, kì í ṣe orí ojú òpó ni kí ẹ ti máa dúró de ìdáhùn. Ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ni kí ẹ kọrí sí.

Yíyan àkókò ìpàdé

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, nítorí pé bíráúsà tó ràn wá lọ́wọ́ lókè lè ṣi wá lọ́nà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ojú òpó òde òní ni wọ́n kọ́ lọ́nà tó jẹ́ pé bí ẹ bá tẹ nǹkan, apá kékeré lára ojú ewé náà nìkan ló ń yí padà. Nígbà tí bíráúsà bá túmọ̀ ojú ewé, yóò yọ ọ̀rọ̀ àtilẹ̀wá kúrò, yóò sì fi tirẹ̀ sí i. Bí ojú òpó bá wá fẹ́ yí aago 10:00 padà sí 14:30, ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀, tí kò sí lójú fóònù mọ́, ni yóò yí padà, ìtumọ̀ tí ẹ̀yin ń wò á sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ lè ti yan 14:30 kí ojú fóònù yín ṣì máa sọ 10:00. Nígbà mìíràn, gbogbo ojú ewé náà á di funfun, tàbí kí bọ́tìnnì má dáhùn mọ́.

Àmì tí ẹ fi lè mọ̀ ni pé ẹ tẹ àkókò mìíràn, àwọ̀ bọ́tìnnì yí padà, ṣùgbọ́n aago tó wà nínú gbólóhùn ìsàlẹ̀ kò yí. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ má ṣe tẹ bọ́tìnnì ìfọwọ́sí. Ẹ ka ojú ewé náà ní ìtumọ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí ẹ fẹ́ sórí ìwé, ẹ pa ìtumọ̀ náà, ẹ tún ojú ewé ṣí, lẹ́yìn náà kí ẹ wá yan àkókò ní èdè àtilẹ̀wá. Nọ́ńbà kò nílò ìtumọ̀, ibi tí bọ́tìnnì wà kò sì yí padà. Bí ẹ bá ti parí, ẹ lọ sí àtòjọ àwọn ìpàdé yín kí ẹ rí i pé ọjọ́ náà wà níbẹ̀. Ohun tó wà nínú àtòjọ yẹn ni ilé ìwòsàn gbà, kì í ṣe ohun tí ẹ rò pé ẹ tẹ̀.

Yíyí èdè ojú òpó fúnra rẹ̀ padà kò ní àléébù yìí, òun ni mo sì gbà níyànjú fún ìpàdé níbikíbi tó bá ti wà. Ẹ kàn ṣọ́ra fún ọjọ́. 03/04 lè jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ní èdè kan, kí ó sì jẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ní èdè mìíràn, ètò náà sì lè yí padà bí ẹ bá ti yí èdè padà. Ẹ wá orúkọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tàbí ẹ ṣí kàlẹ́ńdà kí ẹ fi dá ara yín lójú. Bí wọ́n bá ń lo AM àti PM, AM ni òru títí di kí ọ̀sán tó pọ́n, 12:00 PM sì ni ọ̀sán gangan.

Nǹkan méjì lójú bọ́tìnnì ló ń da àwọn ènìyàn láàmú jù. Èkíní ni ìyàtọ̀ láàárín "Schedule" àti "Request". "Schedule" sábà máa ń túmọ̀ sí pé ẹ ti gba àyè náà. "Request" túmọ̀ sí pé ẹ béèrè, ẹnìkan yóò sì dáhùn lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá rò pé ìbéèrè ni ìpàdé lè dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà kí orúkọ rẹ̀ má sí níbẹ̀. Èkejì ni "Cancel". Ẹ wo àpótí kékeré yìí:

```
Cancel this appointment?
[ Cancel ]   [ OK ]
```

Ẹ̀rọ ìtumọ̀ yóò pe ti òkè ní fífagi lé, yóò sì pe bọ́tìnnì náà ní fífagi lé pẹ̀lú. Àmọ́ iṣẹ́ bọ́tìnnì "Cancel" níbí ni kí ó pa àpótí náà dé láìṣe nǹkan kan. "OK" gan-an ló ń fagi lé ìpàdé. Ẹni tí kò fẹ́ fagi lé e, tó tẹ "OK" kí ó lè kúrò níbẹ̀, ti pàdánù àyè rẹ̀. Níbi tí bọ́tìnnì méjèèjì bá ti rú yín lójú, ẹ má tẹ ìkankan. Ẹ pa ojú ewé náà, kí ẹ tún wọlé. Pípa ojú ewé kì í fagi lé ìpàdé.

Bọ́tìnnì oògùn

Àwọn bọ́tìnnì ibí kò pọ̀, ṣùgbọ́n méjì nínú wọn jọra débi pé ẹ̀rọ ìtumọ̀ lè fi ọ̀rọ̀ kan náà pe àwọn méjèèjì. "Refill" ni kí ẹ tún gba oògùn lórí ìwé oògùn tí dókítà ti kọ, tí iye ìgbà tó fọwọ́ sí kò tíì pé. "Renew" ni kí dókítà kọ ìwé tuntun nítorí pé ti tẹ́lẹ̀ ti pé tàbí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ti àkọ́kọ́ lè parí láàárín ẹ̀yin àti ilé oògùn. Ti èkejì gbọ́dọ̀ dé iwájú dókítà, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan. Nọ́ńbà kan wà tó ń sọ èwo ni tiyín:

```
Metformin 500 mg
Refills remaining: 0
```

Bí nọ́ńbà yẹn bá jẹ́ 2, ẹ ṣì lè gba oògùn náà lẹ́ẹ̀mejì láìkọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ 0, kì í ṣe pé oògùn ti tán nílé yín, kì í sì í ṣe pé wọ́n ti dá a dúró; ìwé àṣẹ ló pé. Nínú ìtumọ̀ ẹ̀rọ, 0 yìí lè dà bí ẹni pé kò sí oògùn mọ́, mo sì bẹ yín, ẹ má tìtorí bẹ́ẹ̀ dẹ́kun lílo rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà náà nígbà tí oògùn ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, kí àyè lè wà fún dókítà láti dáhùn.

Níwọ̀n bí ọ̀rọ̀ ojú bọ́tìnnì ti jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti túmọ̀ sílẹ̀, yíyí èdè ojú òpó padà tún borí níbí. Bí kò bá sí, ẹ fi bíráúsà kà á, kí ẹ padà sí èdè àtilẹ̀wá kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ wo orúkọ ilé oògùn tó wà lójú ewé náà, nítorí pé ojú òpó máa ń fi èyí tí ẹ lò kẹ́yìn síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ti bí a ṣe ń lo oògùn, iye hóró àti iye ìgbà lójúmọ́, n kò fọwọ́ sí ìtumọ̀ ẹ̀rọ kankan pé kí ẹ gbé e gbà láìbéèrè. Bí ohun tí ìtumọ̀ sọ bá yàtọ̀ sí bí ẹ ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀, ẹ gbé ìgò oògùn náà lọ bá apoògùn. Òun ni ènìyàn tó rọrùn jù láti rí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ìbátan tàbí ògbufọ̀

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló jẹ́ pé ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n ló ń bá àgbàlagbà wọlé pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù àgbàlagbà náà. Ó yá, ṣùgbọ́n kò dára tó ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ojú òpó pèsè fún irú rẹ̀, níbi tí ìbátan ti ń ní àkáǹtì tirẹ̀ tí a so mọ́ ti aláìsàn. Àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn yóò mọ ẹni tó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, dókítà kò sì ní rò pé aláìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Èkejì, níbi tí ètò bá gbà á, ẹ lè fún un láyè láti máa bójú tó ìpàdé àti oògùn láìjẹ́ kí ó rí gbogbo èsì àyẹ̀wò. Ìyá tí kò fẹ́ kí ọmọ òun kọ́kọ́ gbọ́ èsì kan ṣáájú òun ní ẹ̀tọ́ sí i.

Ìbátan dára fún ìpàdé àti fún oògùn. Fún èsì tó wúwo, mo yan ògbufọ̀ láìṣiyèméjì. Ìbátan máa ń rọ ọ̀rọ̀, ó máa ń fo ohun tó le, ìfẹ́ ló sì ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ògbufọ̀ tó kọ́ṣẹ́ máa ń gbé ọ̀rọ̀ dókítà kalẹ̀ bó ṣe wà, ó sì máa ń gbé ìbéèrè yín padà bí ẹ ṣe bi í. Ẹ má ṣe fi iṣẹ́ yìí lé ọmọdé lọ́wọ́, bó ti wù kí ó gbọ́ èdè náà tó.

Ìdí tí ògbufọ̀ kì í fi í sí nílẹ̀ nígbà mìíràn ni pé ilé ìwòsàn kò mọ̀ pé a nílò rẹ̀. Yíyí èdè ojú òpó padà kò sọ fún wọn. Inú àkọsílẹ̀ nípa aláìsàn, níbi tí àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù wà, ni ọ̀pọ̀ ojú òpó ti ní àyè mìíràn tó ń béèrè èdè tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi bá yín sọ̀rọ̀, ó sì lè jẹ́ "Preferred language" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Yorùbá lè wà nínú àtòjọ yẹn bí kò tilẹ̀ sí ojú òpó ní Yorùbá. Ẹ yàn án, kí ẹ sì dáhùn bẹ́ẹ̀ ni bí ó bá béèrè bóyá ẹ nílò ògbufọ̀. Níbi tí kò bá ti béèrè, ẹ kọ ọ́ sínú àyè àlàyé nígbà tí ẹ bá ń gba ìpàdé, kí ẹ sì pe ilé ìwòsàn ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú láti rí i dájú pé wọ́n ti bá yín wá ògbufọ̀ náà.